Àròyé kan, ẹnu ọ̀nà méjì: bí iṣẹ́ kékeré ṣe lè bójú tó ẹ̀sùn oníbàárà tó gba ínbọ́ọ̀sì àti ímeèlì wọlé

Bí ọjà kò bá tẹ́ oníbàárà lọ́rùn, kì í jókòó ro ibi tó yẹ kó ti bá yín sọ̀rọ̀. Á kọ ọ́ sí ínbọ́ọ̀sì yín lórí Instagram lóru ọjọ́ náà, torí fóònù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò rí èsì, á tún fi ímeèlì ránṣẹ́, nígbà mìíràn kò sì ní mẹ́nu ba ohun tó ti kọ́kọ́ kọ. Níbi tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bá ti jọ ń dáhùn, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ á ti ṣèlérí láti pààrọ̀ ọjà, ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á sì ti dá owó padà. Tàbí kí àwọn méjèèjì dákẹ́, torí oníkálukú rò pé ẹnì kejì òun ti dáhùn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù, nítorí kò sí ẹni tó máa mọ̀ títí oníbàárà yóò fi gbé ọ̀rọ̀ náà síta gbangba.

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí àròyé kan yóò ṣe jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín, ibi yòówù kó gbà wọlé. Kò gba pé kí ẹ ra ohun èlò kankan. Ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo yín jọ ń lò, àti àwọn ìlànà díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, ti tó.

1. Ẹ mọ gbogbo ibi tí àròyé lè sá pamọ́ sí

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ kò tẹ̀lé lórí Instagram kì í sábà bọ́ sí iwájú yín. Inú "Requests" ló ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jọ èébú tàbí jìbìtì lójú Instagram, ó lè bọ́ sínú "Hidden requests", tó tún wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: oníbàárà tí inú ń bí gan-an ló máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà àròyé tó gbóná jù lè jẹ́ èyí tí ẹ máa rí kẹ́yìn. Messenger náà ní "Message requests", "Spam" sì wà nínú rẹ̀. Ímeèlì ní "Spam" tirẹ̀.

Ẹ máa yẹ gbogbo ibẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tó bá ku wákàtí kan kí ẹ ṣíwọ́. Ẹ má fi ti ìrọ̀lẹ́ sí ìṣẹ́jú tí ẹ ń palẹ̀ mọ́. Wákàtí kan yẹn ló máa jẹ́ kí ẹ lè dáhùn ohun tí ẹ bá rí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Bí ẹ bá ṣí àtẹ̀jíṣẹ́, "Seen" lè hàn lójú fóònù oníbàárà. Bí ẹ bá tẹ "Mark as unread" lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ̀ tiyín nìkan ló yí padà. Oníbàárà ṣì ń rí i pé ẹ ti kà á, ẹ sì dákẹ́. Èyí tó bá ṣì wà nínú "Requests" yàtọ̀: ẹ lè kà á láìjẹ́ pé ó hàn sí ẹni tó kọ ọ́, títí ẹ ó fi tẹ "Accept". Nítorí náà, ẹ má ṣí ọ̀rọ̀ oníbàárà bí kò bá sí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ yín tí ẹ lè fi kọ èsì àkọ́kọ́.

2. Ìwé àròyé kan ṣoṣo, nọ́ńbà ọ́dà sì ni orúkọ àròyé

Ẹ ṣí ìwé kan lórí Google Sheets tí gbogbo ẹni tó ń dáhùn lè ṣí lórí fóònù tirẹ̀. Ìlà kan fún àròyé kan. Ní òpó A, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tó wọlé. Ní B, ẹnu ọ̀nà tó gbà. Ní C, nọ́ńbà ọ́dà. Ní D, orúkọ tó wà lórí ọ́dà náà. E wà fún ohun tó ṣẹlẹ̀, F fún ohun tí oníbàárà ní òun fẹ́. Ní G, orúkọ ẹnì kan péré nínú yín tí àròyé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. H ni ìlérí tí ẹ ṣe àti ọjọ́ tí ẹ ní yóò pé. I ni ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń lo nọ́ńbà ọ́dà dípò orúkọ orí Instagram ni pé oníbàárà lè yí orúkọ orí Instagram padà nígbàkigbà, orúkọ náà kì í sì í sábà jọ èyí tó fi ra ọjà. Nọ́ńbà ọ́dà kì í yí padà. Bí kò bá tíì sí lọ́wọ́ yín, ẹ fi òpó C sílẹ̀ lófìfo, ẹ má fi orúkọ Instagram dí i.

Kí ìwé náà lè ta yín lólobó bí nọ́ńbà kan bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sàmì sí àwọn ìlà láti A2 lọ sísàlẹ̀, ẹ lọ sí "Format", lẹ́yìn náà "Conditional formatting", ẹ yan "Custom formula is", kí ẹ sì tẹ èyí:

```
=AND($C2<>"",COUNTIF($C:$C,$C2)>1)
```

Ẹ mú àwọ̀ kan tó hàn ketekete. Láti ìgbà náà, bí nọ́ńbà kan náà bá wà ní ìlà méjì, ìlà méjèèjì á yí àwọ̀ padà. Bí ẹnì kan bá ń kọ "#1047" tí ẹlòmíràn ń kọ "1047", ìwé náà kò ní mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n, nítorí náà ẹ jọ fẹnu kò pé nọ́ńbà nìkan lẹ ó máa kọ. Bí àwọ̀ bá yí padà, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ pa ìlà kan rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ènìyàn kan lè mú àròyé méjì tó yàtọ̀ wá lórí ọ́dà kan. Ó kàn ń sọ fún yín pé kí ẹ wò ó kí ẹ tó fèsì ni.

Ẹ da ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ sínú ìwé bó ṣe kọ ọ́ gan-an, kí ẹ sì ya àwòrán ojú fóònù pa mọ́. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Instagram lè fi "Unsend" fà á padà, á sì pòórá lọ́dọ̀ yín náà. Kì í ṣe pé oníbàárà ń purọ́. Ó lè jẹ́ pé ìbínú rẹ̀ ti rọ̀, ojú sì ń tì í fún ohun tó kọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti lọ, ìdáhùn yín nìkan ló máa kù síbẹ̀, kò sì ní yé ẹnikẹ́ni mọ́.

3. Èsì àkọ́kọ́: ohun kan ṣoṣo lẹ ó béèrè

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wá oníbàárà náà nínú ímeèlì. Bí ẹ bá ń lo Gmail, ẹ tẹ nọ́ńbà ọ́dà tàbí orúkọ rẹ̀, kí ẹ fi `in:anywhere` sí i, kó lè wá inú "Spam" àti "Trash" pọ̀ mọ́ ọn:

```
1047 in:anywhere
```

Èsì àkọ́kọ́ nínú ínbọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ sọ ohun tí oníbàárà sọ padà fún un ní gbólóhùn kan, kó lè mọ̀ pé ènìyàn ló kà á. Ẹ béèrè nọ́ńbà ọ́dà. Ẹ sọ ìgbà tí yóò tún gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì dárúkọ aago. "Láìpẹ́" kò tó, torí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa jẹ́ lójú ẹni tó ń retí, ọ̀la ló sì lè jẹ́ lójú ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má sì méfò "sà" tàbí "mà" láti ara àwòrán tó fi síbẹ̀. "Ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ ti tó títí ẹ ó fi rí orúkọ tó wà lórí ọ́dà.

Ẹ má béèrè nọ́ńbà káàdì, PIN, ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù, láéláé. Kò sí àròyé tó nílò wọn. Àwọn oníjìbìtì máa ń ṣí àkáǹtì tó jọ tiyín, wọ́n á fi àmì yín síwájú, wọ́n á sì lọ bá àwọn tó ń ráhùn lábẹ́ àwòrán yín. Bí ẹ̀yin bá ti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, báwo ni oníbàárà yóò ṣe dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí yín?

4. Ẹ yan ilé fún àròyé náà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e lọ síbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ìdáhùn kan péré bá lè parí lè dúró nínú ínbọ́ọ̀sì: ọjà ti dé ibo, báwo ni a ṣe ń fọ̀ ọ́, ta ni yóò gbé e wá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, àdírẹ́sì tàbí àwòrán ẹ̀rí, ímeèlì ni ilé rẹ̀. Àwòrán tó gba ínbọ́ọ̀sì kọjá sábà máa ń dín kù ní dídára, ojú ìrán tó ya tàbí àmì kékeré lára ọjà lè má hàn mọ́. WhatsApp tún ní àwòrán tí a lè wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì gbà kí a ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀. Bí oníbàárà bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́ lọ́nà tó wọ́pọ̀, torí kò ní sí ẹ̀rí lọ́wọ́ yín lọ́la.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ẹ sọ fún oníbàárà pé "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wa." Ó ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún ní kó lọ ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kejì níbòmíràn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ímeèlì náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì tí ó fi ra ọjà, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni sọ fún yín nínú ínbọ́ọ̀sì. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ́dà sí orí rẹ̀, ẹ da ọ̀rọ̀ tó kọ nínú ínbọ́ọ̀sì sínú rẹ̀, kí ẹ wá padà sọ fún un nínú ínbọ́ọ̀sì pé ẹ ti kọ ọ́.

Iṣẹ́ méjì nìyẹn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà kò ní tún ọ̀rọ̀ sọ, ẹ̀yin náà sì ti rí ìdánilójú, nítorí ẹni tó bá fèsì láti inú ímeèlì yẹn ni ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ ẹni tó ra ọjà. Ẹnikẹ́ni lè fi àwòrán àti orúkọ ẹlòmíràn ṣí àkáǹtì Instagram, kó sì ní kí ẹ dá "owó òun" padà.

Bí ó bá ní òun kò lè ṣí ímeèlì yẹn mọ́, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ sọ nọ́ńbà ọ́dà, ọjọ́ tó rà á àti àdírẹ́sì tí ẹ gbé e lọ. Ẹ má bi í pé "Ṣé ní àdírẹ́sì báyìí ni?" torí ẹ ti sọ ìdáhùn fún un nìyẹn. Ohun yòówù kó sọ, ọ̀nà tí owó gbà wọlé náà ni kó gbà padà. Bí ẹnì kan bá ń rọ̀ yín pé kí ẹ san án sí àkáǹtì mìíràn, ẹ dúró, ẹ má sanwó títí ẹ ó fi rí ìdánilójú mìíràn.

5. Wákàtí 24 tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ yín

Bí ó bá jẹ́ inú Instagram, Messenger tàbí WhatsApp Business orí fóònù gan-an lẹ ti ń dáhùn, èyí kò kàn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo ètò mìíràn tó kó ínbọ́ọ̀sì àti ímeèlì jọ sójú kan, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Meta, tó ni àwọn ìkànnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún irú ètò bẹ́ẹ̀ ní wákàtí 24 láti ìgbà tí oníbàárà kọ̀wé kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ètò náà kò lè fi èsì lásán ránṣẹ́ mọ́. Ní ti Messenger àti Instagram, ààyè wà fún ènìyàn láti fèsì títí di ọjọ́ 7 bí ètò náà bá ti gba àṣẹ tí wọ́n ń pè ní "Human Agent". Ní ti WhatsApp, ọ̀rọ̀ tí Meta ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù tí ẹ lè fi ránṣẹ́, títí oníbàárà yóò fi tún kọ̀wé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oníbàárà á kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ ó kọ èsì tó dára láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èsì náà kò sì ní lọ. Àmì pupa kékeré kan ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń kánjú kò sì ní rí i. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ ṣí Instagram fúnra rẹ̀ lórí fóònù kí ẹ fèsì níbẹ̀, tàbí kí ẹ lo ímeèlì orí ọ́dà.

6. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:40 alẹ́, ínbọ́ọ̀sì Instagram: "Bàtà 42 ni mo rà, 40 lẹ gbé wá. Owó mi ni mo fẹ́." Kò sí nọ́ńbà ọ́dà, orúkọ orí Instagram náà kò sì jọ orúkọ ènìyàn. Ọjọ́ Àìkú, aago 9:15 àárọ̀, ímeèlì kan wọlé láti àdírẹ́sì tí kò sí lórí ọ́dà kankan: "Mo ti kọ̀wé, ẹ ò dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ bàtà náà kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó wà nídìí ínbọ́ọ̀sì kọ ti Instagram sí ìlà kan, ẹni tó wà nídìí ímeèlì kọ tirẹ̀ sí ìlà kejì. Òpó C ṣófo ní méjèèjì, àwọ̀ kò sì yí padà. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni gbólóhùn "Mo ti kọ̀wé" inú ímeèlì. Ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rí gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ má fèsì kí ẹ tó wá ibi tó ti kọ̀wé. Wọ́n wo àwọn ọ́dà ọ̀sẹ̀ náà, orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ímeèlì bá ti ọ́dà 1047 mu, bàtà 42 sì ni ọ́dà náà. Wọ́n kọ 1047 sí òpó C ní ìlà méjèèjì, àwọ̀ yí padà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, wọ́n pa ìkejì rẹ́. Orúkọ ẹnì kan wọ òpó G. Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń bá oníbàárà yìí sọ̀rọ̀, níbi gbogbo.

Ẹ wo òpó F báyìí: owó ló béèrè lálẹ́, pàṣípààrọ̀ ló béèrè láàárọ̀. Ẹ má yan èyí tó rọ̀ yín lọ́rùn nínú méjèèjì. Ìmeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì orí ọ́dà lọ báyìí:

"Ọ́dà 1047: bàtà 40 dípò 42. Ẹ káàárọ̀. Ẹ dárí jì wá. A rí ohun tí ẹ kọ lórí Instagram lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ímeèlì yín ti ọjọ́ Àìkú. Àwa la di bàtà tí kì í ṣe tiyín. Ọ̀kan nínú méjì yìí la lè ṣe: kí 42 tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú, kí ẹni tó bá gbé e wá sì gba 40 padà láìgba owó lọ́wọ́ yín, tàbí kí a dá gbogbo owó yín padà sí ibi tí ẹ ti san án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́. Bí a bá gbọ́ kó tó di aago 2 òní, ti Ọjọ́rú yóò ṣeé ṣe."

Wọ́n ti wo ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì rí 42 níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ gbólóhùn yẹn. Nínú ínbọ́ọ̀sì, wọ́n kọ pé: "Ẹ káàárọ̀. A ti rí ọ̀rọ̀ bàtà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá yín mu. A ti kọ̀wé sí ímeèlì tí ẹ fi ra ọjà." Wọn kò kọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì síbẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n kọ sí ímeèlì àjèjì tí ó lò lọ́jọ́ Àìkú, torí wọn kò tíì mọ ẹni tó ni ín. Aago 11 ni èsì wọlé láti inú ímeèlì orí ọ́dà: pàṣípààrọ̀ ló fẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí òpó H pẹ̀lú "Ọjọ́rú".

7. Ìgbà tí àròyé parí

Àròyé kò tíì parí nígbà tí ẹ bá fi ọjà ránṣẹ́. Ó parí nígbà tó bá tẹ oníbàárà lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ owó, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn nínú àkáǹtì rẹ̀, ẹ sọ èyí fún un lọ́jọ́ tí ẹ bá san án, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó tún béèrè sí òpó H. Oníbàárà tí kò mọ̀ pé owó ń pẹ́ lọ́nà ló ń padà wá láti ẹnu ọ̀nà kẹta, lábẹ́ àwòrán yín, níbi tí gbogbo ayé ti ń kà á. Bí ó bá dé ibẹ̀, ẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré níbẹ̀ pé ẹ ti rí i, ẹ sì ti kọ̀wé sí i. Nọ́ńbà ọ́dà àti owó kò gbọ́dọ̀ hàn ní gbangba.

Gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wọlé ni kẹ́ ẹ ti pa dé. Bí ímeèlì bá ti yanjú, tí ínbọ́ọ̀sì ṣì wà ní "A ti kọ̀wé sí ímeèlì", ẹlòmíràn nínú yín á tún rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á rò pé ẹnikẹ́ni kò dáhùn, á sì tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ní ti ọ́dà 1047, gbólóhùn kan péré ló lọ sí ínbọ́ọ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú: "Ẹni tó gbé bàtà 42 wá sọ pé ó ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó bá yín mu?" Ó dáhùn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pé ó bá òun mu. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kọ ọjọ́ sí òpó I.